Ẹ má fi iyán sílẹ̀ nítorí àyẹ̀wò ṣúgà: bí aboyún ṣe ń múra sílẹ̀ fún àyẹ̀wò glúkóòsì mímu, àti bí a ṣe ń ka èsì rẹ̀

Iṣẹ́ lábù ni mo ń ṣe ní Adó-Èkìtì. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan wọlé tọ̀ mí wá, ó di ìwé èsì àyẹ̀wò mọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó sunkún dé. Tíṣà ni ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, oyún rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 26. Ibòmíràn ló ti ṣe àyẹ̀wò náà, wọ́n sì ti sọ fún un pé àtọ̀gbẹ inú oyún ló ní.

Mo gba ìwé náà, mo wò ó, mo wá bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ ń jẹ lọ́jọ́ mẹ́ta tó ṣáájú àyẹ̀wò yìí?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹnu kan iyán rárá. Ìrẹsì náà, mi ò jẹ ẹ́. Ẹ̀fọ́ àti ẹja ni mo jẹ fún odindi ọjọ́ mẹ́rin kí ṣúgà mi lè wálẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí n má lọ jẹ iyán kó èsì burúkú bá ara mi."

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí wọ́n ṣe láti fi gba ara wọn lọ́wọ́ èsì burúkú ló ṣeé ṣe kó fà á. Mo ti rí èyí tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aboyún wa débi pé mo pinnu láti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú àyẹ̀wò títí dé ọjọ́ tí ẹ ó gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Èmi ò sọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ṣúgà ti gbogbo ènìyàn níbí o, ti aboyún ni mò ń sọ.

Ohun tí àyẹ̀wò náà ń wá

Lórí fọ́ọ̀mù dókítà, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ báyìí: OGTT. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ yín láìjẹun, wọ́n á fún yín ní omi glúkóòsì mu, wọ́n á tún gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n á sì gbà á lẹ́ẹ̀kẹta lẹ́yìn wákàtí méjì. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni bí ara yín ṣe ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ó bá ya wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 oyún ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, ó sì ní ìdí. Bí ibi ọmọ ṣe ń dàgbà ni ó ń tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, àwọn èròjà yìí kì í jẹ́ kí ínsúlíìnì ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ínsúlíìnì ló ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú iṣan. Ara ọ̀pọ̀ obìnrin á kàn pèsè ínsúlíìnì púpọ̀ sí i, kò sì ní sí wàhálà. Ara àwọn mìíràn kò lè pèsè tó, ṣúgà á wá máa kóra jọ. Ẹ bá ṣe é ní oṣù kẹta, ó ṣeé ṣe kó má tíì fojú hàn. Àmọ́ ẹni tó bá ti ní àtọ̀gbẹ inú oyún rí, tàbí tó sanra gan-an, tàbí tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, tàbí tó ti bí ọmọ tó wọ̀n ju kílò mẹ́rin lọ, dókítà lè ní kó tètè ṣe é, kó sì tún un ṣe nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ 24.

Àwọn kan máa ń bi mí pé, ṣebí wọ́n ń yẹ ìtọ̀ wò ní gbogbo ìgbà tí àwọn bá lọ sí ilé ìwòsàn aboyún, kí ni tibí tún jẹ́? Ìtọ̀ kò ṣeé gbára lé fún èyí. Kíndìnrín aboyún máa ń jẹ́ kí ṣúgà jò sínú ìtọ̀ nígbà tí ti inú ẹ̀jẹ̀ ṣì wà bó ṣe yẹ. Ti àyẹ̀wò tó ń wo ṣúgà oṣù mẹ́ta sẹ́yìn náà kò wúlò púpọ̀ nínú oyún, nítorí ẹ̀jẹ̀ aboyún ń yára pààrọ̀ ara rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú: ẹ jẹun

Apá yìí ni mo fẹ́ kí ẹ kà dáadáa ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ ni pé kí ènìyàn jẹun bó ṣe máa ń jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú àyẹ̀wò yìí, kí oúnjẹ afúnnilókun inú rẹ̀ má sì dín ní gírámù 150 lóòjọ́. Iyán, ẹ̀bà, ìrẹsì, ògì, búrẹ́dì, dòdò, àwọn wọ̀nyí ni mo pè ní oúnjẹ afúnnilókun.

Kí ló fà á? Nígbà tí ara bá ti wà fún ọjọ́ mélòó kan láìrí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, á yí padà, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rá dáná. Pánkíríásì tó ń ṣe ínsúlíìnì á dẹwọ́, nítorí kò sí ṣúgà púpọ̀ tó ń wọlé. Iṣan náà kò ní sáré gba ṣúgà mọ́. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ẹ wá da gírámù 75 glúkóòsì lu ara náà lójijì. Kí pánkíríásì tó jí, kí iṣan tó ṣílẹ̀kùn, ṣúgà ti gòkè ju ibi tí ì bá gòkè dé lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè wá gba èsì aláàtọ̀gbẹ.

Gírámù 150 kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Bí ẹ bá jẹ búrẹ́dì ègé méjì láàárọ̀, ìyẹn lè fún yín ní bíi 28. Ìrẹsì sísè tó wọ̀n tó gírámù 200 lọ́sàn-án lè fún yín ní bíi 55. Iyán tó tó ìkúùkù méjì lálẹ́, tí a bá gbé e lé òṣùwọ̀n tó jẹ́ gírámù 300, á fún yín ní bíi 80. Ẹ rò wọ́n pọ̀, ó ti lé ní 160. Oúnjẹ ojúmọ́ ni o. Kò sí ìdí láti wá jẹ kún un. Ẹni tó sì rò pé òun gbọ́dọ̀ jẹ ìlọ́po méjì kí ara lè "mọ̀ ọ́n" náà ń ṣe àṣejù.

Nílẹ̀ Èkìtì, níbi tí iyán ti jẹ́ oúnjẹ wa gan-an, ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju ibòmíràn lọ, nítorí iyán ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń ní kí aboyún sá fún tí wọ́n bá ti dárúkọ ṣúgà. Tí iyán bá máa ní ẹjọ́ kankan láti jẹ́, ẹ jẹ́ kí èsì àyẹ̀wò jáde ná.

Ohun méjì kan tún wà tí ó lè ba ọjọ́ mẹ́ta yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni àìsàn. Bí ibà bá ń ṣe yín, tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbàtọ́jú ibà, ẹ sún àyẹ̀wò síwájú títí ara yóò fi yá, nítorí ara tó ń bá àìsàn jà máa ń gbé ṣúgà sókè. Ìkejì ni oògùn. Àwọn oògùn kan bíi pirẹdinísólóònù máa ń gbé ṣúgà sókè, bẹ́ẹ̀ náà ni sabutamọ́ọ̀lù tí àwọn onífée ń lò. Abẹ́rẹ́ dẹsamẹtasóònù tí wọ́n ń fún aboyún láti mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ gbó ni ó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n bá ti fún yín, ẹ jẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín. Ẹ kàn kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ fi han dókítà tó kọ àyẹ̀wò náà, kó pinnu.

Alẹ́ ọjọ́ àyẹ̀wò kù ọ̀la

Wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́rìnlá ni ẹ gbọ́dọ̀ wà láìjẹun. Bí lábù yín bá ń ṣí ní aago 8 àárọ̀, ẹ jẹun alẹ́ tán ní aago 9, ìyẹn á fún yín ní wákàtí mọ́kànlá. Ẹ má ṣe jẹun ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ kí ẹ sì sùn lọ, ìyẹn á ti kọjá wákàtí 14, ààwẹ̀ tó gùn jù náà a máa da ara rú bí àìjẹ iyán ṣe ń dà á rú.

Omi lásán kò léèwọ̀. Ẹ mu ún dáadáa, iṣan ẹ̀jẹ̀ yín á rọrùn fún wa láti rí. Ṣùgbọ́n ògì, tíì, mínírà, àgbo, obì, ṣingọ́ọ̀mù, gbogbo wọn ni ó di lẹ́yìn àyẹ̀wò. Mo dárúkọ àgbo nítorí pé ọ̀pọ̀ kì í kà á sí oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ àwọn kan máa ń fi oyin tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí i.

Bí ó bá bọ́ sí Rámádánì, àyẹ̀wò náà kò bá ọ̀sán ààwẹ̀ mu. Aboyún tó bá ti pinnu láti má gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ náà lè ṣínu lálẹ́, kó fi sààrì sílẹ̀, kó sì wá ní òwúrọ̀ kùtù.

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà

Ẹ fi bíi wákàtí mẹ́ta sílẹ̀ lápapọ̀. Ẹ gbé oúnjẹ dání tí ẹ ó jẹ lẹ́yìn tí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ kẹta, nítorí òòyì lè máa kọ́ yín nígbà náà. Ẹ mú ẹnì kan dání bí ẹ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ má baà dá nìkan gun ọ̀kadà padà.

Ẹ má ṣe fẹsẹ̀ rìn wá láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí, òkè níbí, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ́hùn-ún. Ẹsẹ̀ tó ń gun òkè ń jẹ ṣúgà. Ẹ wọ mọ́tò, kí ẹ sì jókòó sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́.

Bí ẹ bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ kò nílò àyẹ̀wò yìí rárá. Ọ̀pọ̀ lábù, àti èmi náà, máa ń fi ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń gún ìka wo ṣúgà àìjẹun kí a tó fún ẹnikẹ́ni ní glúkóòsì. Bí ó bá ti tó 7.0 mmol/L, a ó dúró, a ó pe dókítà. Kò yẹ ká tún da ṣúgà sí ara ẹni tí ti àtilẹ̀wá rẹ̀ ti ga.

Nínú lábù

Glúkóòsì tí ẹ ó mu jẹ́ gírámù 75, nínú omi tó tó mílílítà 250 sí 300. Ìlàjì ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan ni 250. Òṣùwọ̀n ni a fi ń wọn glúkóòsì, a kì í fi ṣíbí wọ̀n ọ́n. Ohun kan wà níbẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ lábù gan-an máa ń fojú fò: glúkóòsì gbígbẹ pátápátá ni gírámù 75 yẹn. Irú èyí tó ní omi nínú, tó wọ́pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n dì sínú páálí, gírámù 82.5 ni a gbọ́dọ̀ wọ̀n kó tó dọ́gba. Ohun tó wà lára páálí ni yóò sọ irú èyí tó jẹ́.

Ẹ mu ún láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa korò lẹ́nu, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n fi omi tútù pò ó, ó máa ń rọrùn jù. Wákàtí náà bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ bá fi ẹnu kan ife. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu ní aago 8:20, ẹ̀jẹ̀ kejì jẹ́ ti 9:20, ẹ̀kẹta jẹ́ ti 10:20. Ẹ wo aago fúnra yín. Bí ó bá ku ìṣẹ́jú kan tí wọn kò tíì pè yín, ẹ dìde lọ bá wọn.

Láàárín wákàtí méjì yẹn, ìjókòó ni. Mo ti rí ìyá kan tó ní òun fẹ́ yára dé Ọjà Ọba ra tàtàṣé kí wákàtí kan tó pé. Bí ẹ bá rìn lọ rìn bọ̀, iṣan ẹsẹ̀ yín á fa ṣúgà jáde nínú ẹ̀jẹ̀, èsì yín á sì rẹwà lórí ìwé ju bó ṣe rí lọ. Ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ nílò ìtọ́jú. Ẹ ka ìwé, ẹ gbọ́ rédíò, ẹ sùn lórí àga.

Bí ẹ bá bì, ẹ sọ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi pamọ́ nítorí pé ẹ kò fẹ́ padà wá. Àyẹ̀wò náà ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sí ẹni tó lè mọ iye glúkóòsì tó kù nínú yín. Ọjọ́ mìíràn ni.

Ó wá ku ibi tí ẹ̀yin kò sí níbẹ̀ mọ́, ìyẹn lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti wọ inú ìgò. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kì í kú lójú ẹsẹ̀, ṣúgà inú ìgò ni yóò máa jẹ. Bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ lásán nínú yàrá, bíi ìdá 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò máa lọ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ìyá kan ní 5.3 láìjẹun, tó ti kọjá ààlà aboyún tó jẹ́ 5.1, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lórí tábìlì fún wákàtí méjì nítorí iná ti lọ, ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí iná bá dé, ó ti ku bíi 4.7. Àtọ̀gbẹ inú oyún ti pòórá lórí ìwé, ó ṣì wà nínú ara.

Ìgò tí ìdérí rẹ̀ ní àwọ̀ eérú ni a ń lò, sódíọ̀mù flúóráìdì wà nínú rẹ̀ láti dá sẹ́ẹ̀lì dúró. Ṣùgbọ́n kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, wákàtí àkọ́kọ́ á ti kọjá kó tó mú un dúró dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí wọ́n gbé ìgò sínú omi dídì, kí wọ́n sì ya omi ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ lè bi wọ́n léèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni ẹ ti máa ṣe é, àbí ẹ máa gbé e lọ síbòmíràn?" Bí wọ́n bá ní ìlú mìíràn ni wọ́n máa gbé e lọ nírọ̀lẹ́, mi ò ní gbẹ́kẹ̀ mi lé èsì àìjẹun yẹn bí ó bá sún mọ́ ààlà.

Ẹ̀rọ ìka náà kò tó fún èsì tí a ó fi sọ pé ẹnì kan ní àtọ̀gbẹ inú oyún. Ó lè fi díẹ̀ ga tàbí kó fi díẹ̀ lọ sílẹ̀, díẹ̀ yẹn sì ni gbogbo ìyàtọ̀ níbi ààlà.

Kíka èsì

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bí ìwé yín bá kọ mmol/L, ẹ lo àwọn iye tí mo fẹ́ kọ yìí. Bí ó bá kọ mg/dL, ẹ fi 18 pín in kí ẹ tó fi wéra:

```
mg/dL ÷ 18 = mmol/L
```

Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2013 fi ààlà mẹ́ta lélẹ̀ fún aboyún. Láìjẹun, 5.1. Lẹ́yìn wákàtí kan, 10.0. Lẹ́yìn wákàtí méjì, 8.5. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tó iye yìí tàbí kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, àtọ̀gbẹ inú oyún nìyẹn. Kò dìgbà tí méjì bá ga. Bí ti àìjẹun bá wá tó 7.0, tàbí ti wákàtí méjì tó 11.1, ọ̀rọ̀ ti wúwo ju ti inú oyún lọ, dókítà á tọ́jú rẹ̀ bí àtọ̀gbẹ gan-an.

Àwọn ààlà yìí kò jábọ́ láti ojú ọ̀run. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008 tẹ̀lé obìnrin tó lé ní 23,000 ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án. Wọ́n rí i pé bí ṣúgà ìyá ṣe ń ga sí i díẹ̀díẹ̀ ni ọmọ ń tóbi jù, tí iṣẹ́ abẹ sì ń pọ̀ sí i, kò sí ibì kan tí ewu ti bẹ̀rẹ̀ lójijì. Àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà ló jókòó yan ibi tí a ó fa ìlà sí. Nítorí náà 5.0 kò yàtọ̀ sí 5.1 bí ọ̀sán ṣe yàtọ̀ sí òru. Ẹni tó ní 5.0 ṣì yẹ kó sọ fún dókítà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Tíṣà wa láti Ìkẹ́rẹ́. Èsì rẹ̀ àkọ́kọ́ ni 4.7 láìjẹun, 10.3 lẹ́yìn wákàtí kan, 8.8 lẹ́yìn wákàtí méjì. Bí a bá fi ojú ìwé nìkan wò ó, méjì ti kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe rí: ti àìjẹun lọ sílẹ̀ dáadáa, àwọn tó tẹ̀lé glúkóòsì ló fò sókè. Irú èyí ni mo máa ń fura sí nígbà tí ẹni náà bá ti sá fún oúnjẹ. Kì í ṣe ẹ̀rí o, àtọ̀gbẹ inú oyún tòótọ́ náà lè rí bẹ́ẹ̀. Ìfura lásán ni, ohun tó sì sọ fún mi nípa ẹ̀fọ́ àti ẹja ló mú ìfura náà lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Mo kọ lẹ́tà kékeré sí dókítà rẹ̀, mo ṣàlàyé ohun tó jẹ. Dókítà ní kó jẹun bó ṣe máa ń jẹ, kó sì tún àyẹ̀wò náà ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó jẹ iyán, ó jẹ ìrẹsì, ó wá ní aago 7 àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, ó jókòó síbi tí mo ti ń rí i. Èsì kejì: 4.6, 9.1, 7.5. Kò sí èyí tó kan ààlà. Ẹ rí i pé ti àìjẹun kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, àwọn méjì yòókù ló wálẹ̀.

Mo ní láti fi ohun kan kún un kíákíá, nítorí mo mọ bí ìtàn yìí ṣe lè yí padà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ẹni tó jẹun dáadáa, tó jókòó, tí kò bì, tí ibà kò sì ṣe é, kó má ṣe máa ti lábù kan bọ́ sí òmíràn títí yóò fi rí èsì tó wù ú. Ìyá mìíràn wá sọ́dọ̀ wa, láti ọ̀nà Ìjerò, èsì tirẹ̀ jẹ́ 5.4, 8.1, 6.9. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, méjì dára, ọ̀kan ni kò dára, ṣé kò yẹ kí èyí tó pọ̀ jù borí?" Kò rí bẹ́ẹ̀. Ti àìjẹun ń sọ ohun tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe lóru, bó ṣe ń tú ṣúgà jáde nígbà tí ènìyàn sùn. Àwọn méjì yòókù ń sọ bí ara ṣe ń gba ṣúgà tó wọlé láti ẹnu. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọmọ inú sì ń gba ṣúgà òru náà láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bí èsì bá ti kọjá ààlà

Ìwé yín ti di ti dókítà nìyẹn. Oúnjẹ tí a tún tò àti rírìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ máa ń tó ọ̀pọ̀ obìnrin. Àwọn tí kò bá tó fún ni wọ́n ń fún ní ínsúlíìnì tàbí oògùn mìíràn. Iyán náà kò di èèwọ̀. Ó lè kéré sí i, kí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ sí i nínú àwo, kí ẹ má sì jẹ ẹ́ lálẹ́ ọ̀gànjọ́.

Wọ́n lè ní kí ẹ máa gún ìka nílé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: àwọn iye tí mo kọ sókè kì í ṣe ohun tí ẹ ó máa lépa nílé. Gírámù 75 glúkóòsì ni a fi gba àwọn yẹn, kì í ṣe oúnjẹ. Nílé, ohun tí wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ wà lábẹ́ rẹ̀ ni 5.3 láìjẹun, 7.8 lẹ́yìn wákàtí kan tí ẹ jẹun, tàbí 6.7 lẹ́yìn wákàtí méjì. Nítorí náà bí ẹ̀rọ bá fi 8.2 hàn lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ má ṣe sọ pé kò tíì tó 8.5. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ jẹ, kí ẹ fi han wọn.

Lẹ́yìn ìbímọ

Bí ibi ọmọ bá ti jáde, ohun tó ń dí ínsúlíìnì lọ́wọ́ ti lọ, ṣúgà ọ̀pọ̀ ìyá á sì padà sípò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbàgbé àyẹ̀wò kejì, bẹ́ẹ̀ obìnrin tó ní àtọ̀gbẹ inú oyún sún mọ́ àtọ̀gbẹ gan-an lọ́jọ́ iwájú ju ẹni tí kò ní lọ, ní bíi ìlọ́po méje. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá lẹ́yìn ìbímọ, ẹ tún omi glúkóòsì gírámù 75 náà mu. Ìmúrasílẹ̀ kan náà ni, iyán ọjọ́ mẹ́ta náà kò yí padà. Ààlà ló yí padà, nítorí ẹ kì í ṣe aboyún mọ́, a kì í sì í sábà gba ti wákàtí kan. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ohun tó bá wà lábẹ́ 7.8 dára. Láti 7.8 dé 11.0, ara ti ń ta yín lólobó, ẹ ó máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. 11.1 sókè ni àtọ̀gbẹ, bákan náà ni 7.0 sókè láìjẹun, dókítà á sì tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn kó tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ bí kò bá sí àmì àìsàn lára yín.

Ẹ lè fún ọmọ lọ́mú láàárín àyẹ̀wò, ẹ kàn jókòó síbi kan ṣe é. Ohun tí mo máa ń gba àwọn ìyá nímọ̀ràn ni pé kí wọ́n so ó mọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọmọ ń gba ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni èyí tó tẹ̀lé e. Tíṣà kò nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá Ìjerò yẹn ti kọ tirẹ̀ sí ẹ̀yìn káàdì ọmọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá: "Glúkóòsì, aago 7, kí n má jẹun, kí n gbé ìyá mi dání."